Ètò oníṣẹ́jú kan fún oṣù Ràmàdáànì: báwo ni kí n ṣe máa ka ọjọ́ tó kù, irú ìbéèrè wo ni kí n sì fi máa parí rẹ̀?

Ìdríìsù Òṣogbo

Asalaamu alaykum, ẹ̀yin ará. Iléeṣẹ́ rédíò kan ládùúgbò wa fún mi ní ìṣẹ́jú kan péré lójoojúmọ́ nínú oṣù ààwẹ̀ tó ń bọ̀, kété kí wọ́n tó pe ìrun Mangaribi. Mo fẹ́ máa ká fídíò rẹ̀ náà sílẹ̀ fún Wọ́ọ̀tísáàpù. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ètò náà máa sọ iye ọjọ́ tó kù kí a túnu, kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ó sì fi ìbéèrè kan parí, ìbéèrè tí èèyàn á máa rò títí tí á fi ṣínu. Wọ́n ní kí n kó ọgbọ̀n rẹ̀ pérépéré wá kí oṣù tó lé.

Ti ọjọ́ karùn-ún tí mo kọ rèé:

"Asalaamu alaykum waramọtulaahi wabarakaatuhu. Mo kí gbogbo ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa nínú ẹ̀sìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó jẹ́ kí ojú wa rí ọjọ́ karùn-ún nínú oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí. Ó ku ọjọ́ 25 kí a túnu. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí a wà yìí, ọjọ́ àánú ni. Ànábì wa sọ pé ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ èké àti ìwà èké sílẹ̀, Ọlọ́hun ò nílò kí ó fi oúnjẹ àti omi rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Sísọ̀rọ̀ ọmọnìkejì láìdáa lẹ́yìn rẹ̀ kò yẹ aláààwẹ̀. Ǹjẹ́ ìwọ ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bí?"

Ẹ bá mi tún un ṣe. Mo fẹ́ fi í ṣe àwòkọ fún àwọn tó kù.

Táíwò Agbóhùnsáfẹ́fẹ́

Mo ti ń ṣètò lórí rédíò tipẹ́. Ìkíni rẹ gùn jù. Ka ohun tí o kọ yẹn sókè pẹ̀lú aago fóònù lọ́wọ́, kí o kà á bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni tí ajá ń lé. Kí o tó dé orí "ó ku ọjọ́ 25", ó ti jẹ ìdá mẹ́rin nínú ìṣẹ́jú rẹ. "Asalaamu alaykum" tó. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ tàbí nídìí ìkòkò kò ní yí i padà nítorí pé o ò kí i gùn.

Tèmi, ọ̀rọ̀ bí 130 sí 140 ni mo máa ń kọ fún ìṣẹ́jú kan lédè Yorùbá. Bí o bá kọ ju ìyẹn lọ, wàá sáré, àmì ohùn á sì dàrú lẹ́nu rẹ. Má gba ohùn náà pé kó jẹ́ 60 ìṣẹ́jú àáyá géérégé. Gbà á ní 57. Ẹ̀rọ ló máa ń gé e lọ́dọ̀ wa, kò sì mọ̀ pé ìbéèrè ló kù. Ibi tó gé gan-an ni ìbéèrè rẹ wà.

Ohun kejì, má sọ pé "ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí a ṣínu". Rédíò yẹn ń dé ìlú míì, oòrùn kì í wọ̀ lákòókò kan náà níbi gbogbo. Ẹnìkan lè tìtorí ẹ mumi kí àkókò tó tó.

Lukman Ìlọrin

Ìṣòro rẹ tó tóbi jù lọ ni "ó ku ọjọ́ 25" yẹn. Ta ló sọ fún ọ? Oṣù Ràmàdáànì lè jẹ́ 29, ó lè jẹ́ 30. O ò lè mọ̀ títí alẹ́ ọjọ́ 29 á fi lé. Lọ́dún 2024, a bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ́nà, a ò rí oṣù lálẹ́ ọjọ́ 29, a gba 30, a sì túnu ní ọjọ́ 10 oṣù Igbe. Lọ́dún 2025, a bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà, oṣù lé lálẹ́ ọjọ́ 29, a túnu ní ọjọ́ 30. Bó o bá ti gba ohùn rẹ sílẹ̀ lọ́dún 2025, láti ọjọ́ kìíní ni ìwọ ì bá ti máa sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún aráàlú.

Gbàgbé kíka ohun tó kù. Máa sọ "ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì", kó o máa lọ sókè.

Alhaja Ṣàgámù

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ rán àwọn obìnrin létí kí wọ́n san ààwẹ̀ tí wọ́n jẹ lésìí kí oṣù tó lé. Inú Ṣáábánì ni Ìyá wa Áíṣà máa ń san tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé títí oṣù á fi bá wọn lójijì.

Ìdríìsù Òṣogbo

Ẹ ṣé, Alhaja. Inú Ràmàdáànì fúnra rẹ̀ ni kíkà tèmi ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kí ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ti Ṣáábánì yẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Lukman, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ kíkà sẹ́yìn kúrò, kí ló kù nínú ètò náà? Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé àkókò ń lọ.

Bàbá Kéwú

Wa alaykumu salaam. Mo ka gbogbo rẹ̀. Lukman ríran síbi tí ìṣòro wà, àmọ́ kò yẹ ká tìtorí ẹ̀ ju kíkà sẹ́yìn nù. Ibi tí a ń kà á lọ ló yẹ ká yí padà.

Ọjọ́ ìtúnu ni kò dá wa lójú. Òru mọ́kànlélógún dá wa lójú. Yálà oṣù jẹ́ 29 tàbí 30, òru mẹ́wàá ìkẹyìn yóò wọlé ní òru 21, bẹ́ẹ̀ ni òru 29 yóò dé láìsí àní-àní. Òru 30 nìkan ló lè má sí. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní, máa ka ọjọ́ tó kù kí òru mẹ́wàá ìkẹyìn wọlé. Lọ́jọ́ kìíní, ó ku 19. Lọ́jọ́ karùn-ún rẹ yìí, ó ku 15. Lọ́jọ́ ogún, "alẹ́ òní ni". Láti ìgbà náà, ka òru tí kò ṣe é pín sí méjì: 21, 23, 25, 27, 29. Inú wọn ni Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ní kí a máa wá Láílátul Kọ́dírì. Márùn-ún ni wọ́n, oṣù kì í gé ọ̀kankan kúrò nínú wọn.

Ẹ kíyè sí ibi kan tí ọ̀pọ̀ ń ṣì sí. Òru ló ń ṣáájú ọ̀sán nínú kíkà tiwa. Òru 21 kì í ṣe alẹ́ tí a ṣínu ààwẹ̀ kọkànlélógún. Alẹ́ tí a ṣínu ààwẹ̀ ogún ni. Lọ́dún 2025 tí Lukman fi ṣàpẹẹrẹ, ọjọ́ oṣù Ẹrẹ́nà àti ọjọ́ ààwẹ̀ bára mu lọ́dọ̀ wa: òru 27 bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí oòrùn wọ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Ẹrẹ́nà. Bí ètò rẹ lórí òru 27 bá wá jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27, òru náà ti kọjá, ẹni tó gbọ́ ọ ti pàdánù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òru wo lo fẹ́ sọ? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni kó jáde. Níwọ̀n bí wọ́n ti fi tìrẹ síwájú Mangaribi, àkókò yẹn dára gan-an fún un.

Ní ti ọgbọ̀n tí wọ́n ní kó o kó wá: kọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó dúró sójú kan, kí o wá kọ méjì sí i, ọ̀kan fún ọjọ́ 30, ọ̀kan fún ọdún. Lálẹ́ ọjọ́ 29, bí wọ́n bá kéde, wọ́n á mú èyí tó bá yẹ. Má sì fi ohun tó pọn dandan sínú ti ọjọ́ 30, torí ó lè má jáde láé. Mo ti gbọ́ ètò tó fi sàkátul fítírì síbẹ̀. Sàká yìí ní láti jáde kí a tó kírun ọdún, àwọn Sàhábà sì máa ń yọ ọ́ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Bí oṣù bá jẹ́ 29, ọjọ́ 28 ni ọjọ́ méjì ṣáájú ọdún. Nítorí náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 25 tàbí 26, kí ẹni tó fẹ́ ra ìrẹsì tàbí gàrí lè rí àyè ra á. Sáà kan lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú ilé, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì papọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mo ń padà bọ̀ lórí hádíìsì rẹ, ìrun ti tó.

Ọmọ Àáfà Pẹ́kàmù

Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí àwa tó wà nílùú ọba ṣe? Lọ́dún 2025, mọ́ṣáláṣí tí mo ń lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà, ilé kejì sí mi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2. Àwọn kan túnu ní ọjọ́ 30, àwọn míì túnu ní 31. Fídíò láti ilé dé sórí Wọ́ọ̀tísáàpù ìdílé wa, ó ní "ọjọ́ keje rèé", àbúrò bàbá mi ní irọ́ ni, ọjọ́ kẹfà ni. Kàkà kí wọ́n ro ìbéèrè tó wà níbẹ̀, iye ọjọ́ ni wọ́n fi ọjọ́ náà jà lé lórí.

Táíwò Agbóhùnsáfẹ́fẹ́

Ìyẹn ní ọ̀nà àbáyọ. Ya orí kúrò lára ara. Gba ohùn "Ọjọ́ karùn-ún. Ó ku ọjọ́ 15 kí òru mẹ́wàá ìkẹyìn wọlé" lọ́tọ̀, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ. Gba ọ̀rọ̀ gan-an àti ìbéèrè lọ́tọ̀, má dárúkọ ọjọ́ kankan nínú rẹ̀. Ti rédíò, so méjèèjì pọ̀. Ti Wọ́ọ̀tísáàpù tó lè dé ibi gbogbo, gbé ara nìkan jáde, kí o kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ fídíò, ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ síbòmíì á kọ tirẹ̀. Èyí ṣe ìrànwọ́ míì: bí ọ̀kan nínú àwọn ètò bá ní láti yí ipò, o ò ní tún un gbà látìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Kéwú

Mo ti dé. Ohun tí Táíwò sọ dára fún àwọn ọjọ́ gbogbogbòò. Kò ṣe é ṣe fún ètò òru 21 sí 29, torí òru fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹni tó wà ní Pẹ́kàmù, mọ́ṣáláṣí tí o bá bẹ̀rẹ̀ ni kí o bá kà á.

Ó ku nǹkan méjì nínú ohun tí o kọ, Ìdríìsù. Àkọ́kọ́, "ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti àánú". Gbogbo wáàsí ni a ti ń gbọ́ ọ: mẹ́wàá àánú, mẹ́wàá àforíjìn, mẹ́wàá ìtúsílẹ̀ kúrò nínú iná. Ibn Kúsáímà tó gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Sálímáánù fi kún un pé "bí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀", àwọn onímọ̀ hádíìsì sì kà á sí aláìlágbára. Àánú Ọlọ́hun wà nínú gbogbo oṣù náà. Yọ ọ́ kúrò.

Èkejì, hádíìsì tí o mú wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Buhari gbà á wá. Àmọ́ irọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé, o wá fi ṣe ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, kí ó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lo fẹ́ sọ, lọ sínú Súrà 49, áyà 12, níbi tí Ọlọ́hun ti fi wé jíjẹ ẹran ara ọmọ ìyá ẹni tó ti kú. Bí hádíìsì yìí ni ọkàn rẹ fà sí, sọ̀rọ̀ lórí irọ́. Má ṣe kó méjèèjì sínú ìṣẹ́jú kan.

Lukman Ìlọrin

Mo fara mọ́ ti òru 21. N ò ronú débẹ̀. Ṣùgbọ́n Àáfà, kò ha yẹ kó ka áyà náà lédè Lárúbáwá? Ètò ẹ̀sìn tí kò sí Àlùkùránì nínú rẹ̀, mi ò mọ ohun tí a óò pè é.

Bàbá Kéwú

Bí àyè bá gbà á. Áyà 183 nínú Súrà Bákárà, bí o bá kà á bó ṣe yẹ kí á kà á, jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú. Áyà 185 gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kàkà kí ó sáré ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kí ó lè bá aago mu, kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà Súrà àti áyà, kí ẹni tó gbọ́ lọ ṣí i. Súrà Kọ́dírì kò ju áyà márùn-ún lọ, ìyẹn lè wọlé lódidi lọ́jọ́ ogún.

Ìyá Súlíyà

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ àti hádíìsì, kò sẹ́ni tó dé orí ìbéèrè tí ọmọkùnrin yìí béèrè. "Ǹjẹ́ ìwọ ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bí?" Ìdáhùn rẹ̀ ni "mo ti jáwọ́" tàbí "n ò tíì jáwọ́". Tí mo bá ti dáhùn, mo ti kúrò níbẹ̀. Ó tún wá dà bíi pé ọlọ́pàá ló ń bi mí. Àti "ìwọ" yẹn: ìyá ọgọ́rin ọdún ń gbọ́ rédíò yẹn o! Ẹ ò lè máa fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ nídìí omi ìṣínu rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin ní àsàlátù wa ni pé mo máa ń gbé ìbéèrè sí ẹnu olùgbọ́ fúnra rẹ̀. "Ta ni mo...?" "Kí ni mo...?" Kò sí "ìwọ", kò sí "ẹ̀yin". Bó o bá ṣe ń gbọ́ ọ, ìwọ lo ń bi ara rẹ. Kí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ èèyàn, tàbí ohun kan, tàbí ibì kan, nǹkan tí ọkàn lè dì mú. Fún ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn: "Ta ni mo dárúkọ lónìí tí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀?" Orúkọ náà á yọ sí ọ lọ́kàn, o fẹ́, o kọ̀.

Èyí tó tún ká mi lára: ẹ má bi wá ní ìbéèrè tó gbà pé gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ló ń gbààwẹ̀. Mo ní ọmọ tó ń mú ọyàn nígbà kan, mi ò gbà á lọ́dún yẹn. Ètò kan máa ń béèrè lójoojúmọ́ pé "báwo ni ebi òní ṣe rí lára rẹ?" Mo máa ń pa rédíò náà. Aláìsàn wà, arìnrìn-àjò wà, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù wà, Àlùkùránì fúnra rẹ̀ sì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò. Oṣù náà jẹ́ tiwa pẹ̀lú. Nínú ọgbọ̀n ìbéèrè, kí èyí tó pọ̀ jù lọ jẹ́ ohun tí ẹni tó jẹun lọ́sàn-án náà lè dáhùn.

Lẹ́yìn ìbéèrè, dákẹ́. Dákẹ́ dáadáa, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Má sọ "ẹ ṣeun", má dárúkọ ara rẹ.

Táíwò Agbóhùnsáfẹ́fẹ́

Ìyá wa, gbogbo rẹ̀ ni mo gbà àyàfi mẹ́wàá yẹn. Tí rédíò bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, èèyàn á rò pé iná lọ, á yí i sí ibòmíì. Mẹ́ta tó. Lórí fídíò, ó lè ṣe márùn-ún, kí ìbéèrè wà ní kíkọ lójú rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé.

Ìyá Súlíyà

Mẹ́ta ò tó láti rántí orúkọ èèyàn.

Ìdríìsù Òṣogbo

Mo ti tún ti ọjọ́ karùn-ún kọ. Mo yan irọ́, mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sí ọjọ́ míì pẹ̀lú Súrà 49. Mo ya orí sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Táíwò ṣe wí.

Orí: "Asalaamu alaykum. Ọjọ́ karùn-ún rèé. Ó ku ọjọ́ 15 kí òru mẹ́wàá ìkẹyìn wọlé."

Ara: "Fóònù dún. Wọ́n ní, 'Níbo lẹ dé?' A ní, 'Mo ti wà lọ́nà.' Bẹ́ẹ̀, a ò tíì wọ bàtà. Oníbàárà dé, ó ní, 'Eélòó lẹ ra ọjà yìí?' A búra, iye tí a dá kò sì rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó kà á sí nǹkan kan nínú wa. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní: ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ èké àti ìwà èké sílẹ̀, Ọlọ́hun ò ní bùkátà sí fífi tí ó fi oúnjẹ àti omi rẹ̀ sílẹ̀. Buhari ló gbà á wá. Ẹnu tí a pa mọ́ fún oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ń gba ibẹ̀ jáde láti àárọ̀. Irọ́ wo ni mo pa lónìí, tó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò kà á sí irọ́ mọ́?"

Mo kà á pẹ̀lú aago, orí àti ara papọ̀, kò dé ìṣẹ́jú kan. Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bi yín. Mo fẹ́ fi ìlù wéré díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, bíi ti àwọn ajísàárì àtijọ́, kí àwọn àgbà lè mọ̀ pé tiwa ni. Ṣé kò burú?

Bàbá Kéwú

Èyí dára. "A búra" yẹn wúwo ju irọ́ lásán lọ, ìbúra èké lọ́jà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí o bá rí àyè, yọ ọ́ sí ọjọ́ mìíràn, fi "A dá iye kan" rọ́pò rẹ̀. Ní ti ìlù, èmi kò ní fi sí i. Bí o bá fi sí i, kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ áyà tàbí hádíìsì rárá.

Lukman Ìlọrin

Ajísàárì ló jí àwọn bàbá wa fún sàárì, inú wéré sì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde. Ohun tó jí èèyàn fún ìjọsìn, kí ló burú nínú rẹ̀? Fi sí i, má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ.

Táíwò Agbóhùnsáfẹ́fẹ́

Gba méjèèjì sílẹ̀, oní-ìlù àti aláìnílù, kí o bi iléeṣẹ́ rédíò náà léèrè kí o tó yan ọ̀kan. Àwọn kan kì í gba ìlù sínú ètò ààwẹ̀ rárá. Bó o bá fi ìlù sí i, dín ara kù ní gbólóhùn kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ 57 náà á ti kọjá. Èyí tí mo máa gé ni "Kò sí ẹni tó kà á sí nǹkan kan nínú wa", torí ìbéèrè rẹ ti sọ ọ́.